Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Béèrè Ẹ̀dínwó Lórí Páálí Ọjà

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ìyá oníṣòwò ní ọjà Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú bí a ti ń ná ọjà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wọn. Ẹni tí ń rà yóò dá iye tirẹ̀, ẹni tí ń tà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ní kò gbà. Ẹni tí ń rà yóò ṣe bí ẹni pé òun ń lọ, a ó sì pè é padà. Ojú ń rí ojú, ohùn sì ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún páálí tí a fẹ́ kí wọ́n kó wá láti Ìkòròdú, ní ojú ọ̀nà tí ó gba Ìtóìkín dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀ràn yí padà. Onísítọ́ọ̀ tí ń ta ọjà náà ní ọ̀pọ̀ kò sí ní iwájú ẹni. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú fóònù nìkan ni yóò rí, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ó ń ka owó tàbí tí ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ni yóò kà á. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ó sì ń kọ irú èyí ránṣẹ́ pé: “Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dín in kù díẹ̀, ọjà kò yá.” Onísítọ́ọ̀ a dáhùn pé òun yóò wò ó, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Kì í ṣe pé onísítọ́ọ̀ náà le lọ́wọ́. Ìwé náà ni kò fún un ní ohun tí yóò wò. Kò sọ iye páálí tí a fẹ́ rà, kò sọ iye owó tí yóò wọlé fún un, kò sì sọ bí “díẹ̀” náà ti pọ̀ tó. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìdúnàádúrà. Bí ó bá dín in kù fún ẹni kan nítorí pé ọjà kò yá, yóò di dandan kí ó dín in kù fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò lè sọ pé ọjà kò yá.

Ìwé tí ó dára máa ń fi àpapọ̀ owó ọjà hàn kedere, ó máa ń sọ iye ẹ̀dínwó tí a ń béèrè lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń jẹ́ kí onísítọ́ọ̀ rí i pé èrè tí yóò kù sí òun lọ́wọ́ kò ní kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, òun gan-an sì ni ó ń mú kí onísítọ́ọ̀ gbà.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ OWÓ PÁÁLÍ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta mílíìkì alágolo ní Ẹ̀pẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn iye owó tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe iye ọjà ti òní. A kàn yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí yóò fi iye tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ìyá náà ń ra páálí 40 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní ₦15,000 lórí páálí kan. Àpapọ̀ owó tí ó ń san jẹ́ ₦600,000. Onísítọ́ọ̀ ni ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó o wá fún un, pẹ̀lú ẹrù àwọn oníbàárà mìíràn tí ó wà ní ojú ọ̀nà náà.

Kì í ṣe gbogbo ₦15,000 náà ni ó jẹ́ ti onísítọ́ọ̀. Apá tí ó pọ̀ jù lọ ni yóò dá padà fún ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe mílíìkì náà. Lára èyí tí ó ṣẹ́kù ni yóò ti san owó ọkọ̀, owó àwọn tí ń gbé ẹrù, àti owó ilé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, páálí kan ná an ní ₦14,100. Èrè rẹ̀ lórí páálí kan jẹ́ ₦900; lórí páálí 40 tí ìyá yìí ń rà, ó jẹ́ ₦36,000.

Báwo ni ìyá náà yóò ṣe mọ iye tí ọjà ná onísítọ́ọ̀? Kò lè mọ̀ ọ́n ní pàtó, onísítọ́ọ̀ kò sì ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó lè fojú dá a. Kí ó béèrè iye owó ní sítọ́ọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn, kí ó sì wádìí iye tí ó kéré jù lọ tí ẹnikẹ́ni ti fi ta irú páálí kan náà láàárín oṣù kan sẹ́yìn. Bí sítọ́ọ̀ kan bá ti tà á ní ₦14,400, tí kò sì jẹ́ ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé tàbí èyí tí omi ti bà jẹ́, a lè gbà pé ó ná sítọ́ọ̀ náà ní iye tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ìfojúdá yìí fi ṣe pàtàkì ni pé kò yẹ kí ẹ̀dínwó tí a ń béèrè ju èrè onísítọ́ọ̀ lọ. Bí ìyá yìí bá béèrè pé kí wọ́n dín ₦1,000 kù lórí páálí kan, ó ń sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó tà á ní àdánù ni. Kì yóò bá a jiyàn. Yóò kàn dákẹ́, yóò sì máa wo ìyá náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọ òwò.

ỌJÀ TÍ Ó PỌ̀ SÍ I, ÀTI ÈYÍ TÍ A KÀN KÓ JỌ

Ọ̀pọ̀ ni ó gbàgbọ́ pé bí a bá ti ra ọjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dínwó ti di ẹ̀tọ́ ẹni. Onísítọ́ọ̀ kò rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ bí ó ti ń rò ó.

Ká ní ìyá yìí sọ pé: “Dípò páálí 40, n ó ra 120 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dín ₦450 kù fún mi.” Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n onísítọ́ọ̀ mọ̀ pé páálí 40 ni ọjà ìyá náà ń gbé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ra 120 lónìí, kò ní padà wá títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ó bá ti ń rà á ní ìgbà mẹ́ta, èrè onísítọ́ọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ì bá jẹ́ ₦108,000. Bí ó bá gbà láti dín ₦450 kù, yóò di ₦54,000. Ìdajì èrè rẹ̀ ti lọ, kò sì ta páálí kan ṣoṣo lé ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó rí gbà kò ju pé owó tètè wọlé, ó sì fi ìrìn ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan rọ́pò mẹ́ta. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ní iyì tiwọn, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí wọ́n tó ₦54,000.

Ìyá náà pàápàá kò ní jèrè bí ó ti rò. Yóò wá ₦1,146,000 kún ₦600,000 tí ó ti ní. Bí ó bá yá owó náà ní èlé ₦5 lórí ₦100 ní oṣù kan, èlé oṣù kan jẹ́ ₦57,300. Ẹ̀dínwó tí ó ń lé kiri jẹ́ ₦54,000. Ó ti fi ₦3,300 ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀ kí oṣù tó parí, páálí rẹ̀ sì wà nínú ilé tí kò tíì tán.

Èyí ni a ń pè ní ọjà tí a kàn kó jọ. Ọjà ọ̀la ni a fà wá sí òní. Ọjà tí ó pọ̀ sí i yàtọ̀: ó jẹ́ ọjà tí onísítọ́ọ̀ kì bá tí rí tà rárá bí kò bá gbà fún wa. Èyí ni ó lè fi ayọ̀ dín owó rẹ̀ kù.

Fún oníṣòwò kékeré, ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni kí ó wá ẹlòmíràn mọ́ra. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ká ní ìyá wa yìí bá méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn náà ń ta páálí 40 mílíìkì kan náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń rà á. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti máa pa ọjà wọn pọ̀. Olúkúlùkù yóò mú ₦600,000 rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò yá owó, páálí 120 yóò sì tán ní ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ní báyìí, ẹ wo ọ̀ràn náà ní ojú onísítọ́ọ̀. Tẹ́lẹ̀, páálí 40 ni ó ń tà fún Ẹ̀pẹ́, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦36,000. Bí ó bá ta 120, tí ó sì dín ₦450 kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè páálí kan yóò di ₦450, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦54,000. Ó dín owó kù, síbẹ̀ èrè rẹ̀ fi ₦18,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bákan náà ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò já ẹrù mẹ́ta sí ojú kan ṣoṣo.

Ìṣirò yìí tún ń fi ibi tí ó yẹ kí a dúró hàn. Bí wọ́n bá béèrè ₦600, èrè páálí kan yóò di ₦300, 120 rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦36,000, iye kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà yóò ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta fún èrè kan náà. Kò ní gbà. Nítorí náà, ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí lè béèrè kò gbọdọ̀ dé ₦600. ₦450 wà ní ibi tí àwọn méjèèjì yóò ti rí nǹkan mú lọ sílé.

BÍ ÌWÉ NÁÀ ṢE LÈ RÍ

Kí ìwé náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí a lè kà á tán láìfi ìka yí ojú fóònù púpọ̀. Kí ìkíni wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tútù ni ó ń yọ obì lápò, ṣùgbọ́n kí ìkíni má ṣe gba ibi ọ̀rọ̀. Kí iye kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí ojú onísítọ́ọ̀ lè bà lé e. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

“Alhaji, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó ilé. Ìyá oníMílíìkì ti Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́, ni mo jẹ́, tí ń ra páálí 40 lọ́wọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Èmi àti àwọn oníṣòwò méjì mìíràn ní Ẹ̀pẹ́ níbí ti fohùn ṣọ̀kan láti máa rajà pọ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì rajà lọ́wọ́ yín rí.

Ọjà tí a fẹ́: páálí 120, mílíìkì alágolo, irú èyí tí mo ń rà.
Iye tí ẹ ń tà á: ₦15,000 lórí páálí kan.
Àpapọ̀ owó: ₦1,800,000.
Ẹ̀dínwó tí a ń béèrè: ₦450 lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦54,000 lórí gbogbo ọjà.
Iye tuntun: ₦14,550 lórí páálí kan.
Àpapọ̀ owó tí a ó san: ₦1,746,000.

Ilé kan ṣoṣo ni ẹ ó já gbogbo rẹ̀ sí, kí ẹ̀yin náà máa kó o wá bí ẹ ti ń ṣe. A ó san ìdajì owó nígbà tí ẹ bá di ẹrù, a ó sì san ìdajì tí ó kù lójú ẹsẹ̀ tí a bá kà á tán. A kò béèrè àwìn. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, a ó máa gba irú iye yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́ta, bí iye ilé-iṣẹ́ kò bá yí padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ èsì yín kí ó tó di ọjọ́bọ̀, kí a lè mọ bí a ó ti ṣe owó wa. Ẹ ṣeun, Alhaji. Ọlọ́run yóò bùkún ọjà yín.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé àpapọ̀ owó ni ó ṣáájú ẹ̀dínwó. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ₦450 yóò rò pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ₦1,800,000 yóò mọ̀ pé owó ń bọ̀, ₦54,000 tí ó tẹ̀lé e kò sì ní tóbi lójú rẹ̀ mọ́: ó jẹ́ ₦3 péré nínú ₦100.

Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé wọ́n kọ ẹ̀dínwó náà ní ọ̀nà méjì, lórí páálí kan àti lórí gbogbo ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé “ẹ dín ₦450 kù” nìkan ni wọ́n kọ, onísítọ́ọ̀ lè gbà tayọ̀tayọ̀, kí ó sì yọ ₦450 kúrò lórí gbogbo ₦1,800,000 náà. Ìjà a dé nígbà tí ẹrù bá ti dé Ẹ̀pẹ́. Kí a tó fi ìwé ránṣẹ́, kí a ṣe ìṣirò náà láti ìhà méjèèjì: ₦14,550 lọ́nà 120, àti ₦1,800,000 tí a yọ ₦54,000 kúrò nínú rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá jẹ́ ₦1,746,000, àṣìṣe kan wà níbì kan.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn méjì náà kò tíì rajà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni ẹ̀rí pé ọjà yìí pọ̀ sí i ní tòótọ́. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, kí a má ṣe kọ ọ́. Onísítọ́ọ̀ a máa kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé rẹ̀, yóò sì tètè rí i.

NÍGBÀ TÍ ÈSÌ BÁ DÉ

Ó ṣọ̀wọ́n kí onísítọ́ọ̀ gba ohun tí a kọ́kọ́ béèrè láìyí i padà. Ká ní ó dáhùn báyìí: “Ẹ kú ọjà, Ìyá. ₦450 ti pọ̀ jù. Mo lè dín ₦300 kù lórí páálí kan, tàbí kí n fi páálí mẹ́ta ṣe èènì lórí 120 náà. Ẹ mú ọ̀kan.”

Ibí yìí ni ó ti yẹ kí a jókòó kí a tún ṣírò. ₦300 lórí páálí 120 jẹ́ ₦36,000. Páálí mẹ́ta, bí a bá kà á sí ₦15,000 tí wọn ì bá fi rà á, jẹ́ ₦45,000. Èènì ni ó sàn jù fún àwọn ìyá náà. Ó sì dára fún onísítọ́ọ̀ ju ₦450 tí wọ́n béèrè lọ, nítorí pé páálí mẹ́ta náà kò ná an ju ₦42,300 lọ. Nǹkan tí ó fi sílẹ̀ kéré ní ojú rẹ̀ ju bí ó ti tóbi ní ojú ẹni tí ó gbà á. Ìdí nìyí tí èènì fi jẹ́ ọ̀nà àbáyọ àtijọ́ láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà.

Àǹfààní mìíràn tún wà: páálí mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú ọ̀kan, kò sì sí ìjà lórí pípín. Olúkúlùkù san ₦600,000, ó sì gba páálí 41.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà, kí wọ́n béèrè ìbéèrè méjì. Èkínní, ṣé mílíìkì kan náà ni èènì náà, tí ọjọ́ tí a kọ sára agolo rẹ̀ sì bá ti ìyókù mu? Èènì tí ó kù fún oṣù kan kí ó bàjẹ́ kì í ṣe èènì. Èkejì, ṣé kò sí ọjà mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn? Onísítọ́ọ̀ mìíràn lè sọ pé òun yóò dín owó mílíìkì kù bí wọ́n bá ra páálí mẹ́wàá bísíkíìtì tí kò tà mọ́.

Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín 1939 àti 1945, tí ọjà òkèèrè wọ́n, àwọn oníṣòwò fi ìkanra sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ti ń fi dandan ta ọjà tí wọn kò fẹ́ fún wọn kí wọ́n tó lè rí èyí tí wọ́n fẹ́. Ẹni tí ó bá pàdé irú rẹ̀ lónìí, kí ó ka owó ọjà tí kò fẹ́ náà mọ́ ìṣirò. Bí páálí bísíkíìtì mẹ́wàá tí kò ní tà bá jẹ́ ₦80,000, ẹ̀dínwó ₦54,000 ti di gbèsè.

OHUN TÍ Ó LÈ BA Ọ̀RÀN JẸ́

Owó ọkọ̀ ni àkọ́kọ́. Onísítọ́ọ̀ lè gba ₦450 náà kí ó sì wí pé kí ẹ wá kó ẹrù yín ní Ìkòròdú. Bí ọkọ̀ tí wọn yóò gbà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ bá jẹ́ ₦60,000, ẹ̀dínwó ₦54,000 náà kò dé ilé. Nítorí náà ni ìwé àpẹẹrẹ náà ṣe sọ ní gbangba pé kí ó máa kó o wá bí ó ti ń ṣe. Iye tí a gbọ́dọ̀ fi wéra láti sítọ́ọ̀ kan sí òmíràn ni iye tí páálí jẹ́ nígbà tí ó bá ti wọ ilé ẹni, kì í ṣe iye rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀.

Ìkejì ni ìyípadà owó láti ilé-iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi ₦500 kún owó páálí kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, onísítọ́ọ̀ kò lè dúró lórí ₦14,550, ẹni tí ó bá sì fi dandan mú un yóò kàn rí i pé “ọjà ti tán” nígbàkígbà tí ó bá béèrè. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n fẹnu kò sí i pé ẹ̀dínwó ni yóò dúró, iye ọjà lè yí. Bí páálí bá di ₦15,500, àwọn ìyá náà yóò san ₦15,050.

Ìkẹta ni ìdàrúdàpọ̀ láàárín àwọn tí ó pa ọjà pọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kò bá rí owó rẹ̀ mú wá ní ọjọ́ tí a dá, páálí 120 ti di 80, onísítọ́ọ̀ sì lè fagi lé ẹ̀dínwó. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé iye páálí wo ni ó kéré jù tí ẹ̀dínwó yóò ṣì dúró lé lórí. Kí wọ́n sì jẹ́ kí owó olúkúlùkù pé lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwé ránṣẹ́. Àwọn tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ bí a ti ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí i.

Ìkẹrin ni owó tí a san ṣáájú. Kí wọ́n san án sínú àkáǹtì tí ó ń jẹ́ orúkọ sítọ́ọ̀ náà, èyí tí ìyá náà ti ń san owó sí tẹ́lẹ̀. Bí ìwé kan bá dé lójijì pé àkáǹtì ti yí padà, kí a pe onísítọ́ọ̀ lórí nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Nígbà tí ẹrù bá dé, kí a ka páálí lójú awakọ̀, kí a wo ọjọ́ tí ó wà lára wọn, kí a sì rí i pé rìsíìtì gbé iye tuntun, kì í ṣe iye àtijọ́. A ti rí ibi tí ẹni tí ó fi ẹnu gbà ẹ̀dínwó ti gbàgbé láti sọ fún ọmọ tí ń kọ rìsíìtì. Ìwé tí ó wà nínú fóònù ni ẹlẹ́rìí, kí a má ṣe pa á rẹ́.

Bí onísítọ́ọ̀ bá sì kọ̀ pátápátá ńkọ́? Kí wọ́n fi ìwé kan náà, láìyí iye kan padà àfi iye tí olúkúlùkù ń tà á, ránṣẹ́ sí sítọ́ọ̀ kejì àti ìkẹta, pẹ̀lú àlàyé pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò di oníbàárà tuntun fún un. Kí wọ́n má ṣe bá ti àkọ́kọ́ jà. Bí oṣù kan bá kọjá, tí ó sì rí i pé páálí 40 tí ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò lọ mọ́, òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe ìṣirò tí wọ́n ti ṣe fún un, yóò sì rí i pé ₦36,000 ti kúrò lọ́wọ́ òun ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nítorí ₦450 lórí páálí kan.